Kí Ẹsẹ̀ Tó Kúrò Nílẹ̀

Orí ilẹ̀ ló yẹ kí afinimọ̀nà ti kìlọ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lórí Odò Dúdú ní Àjàrá, nítòsí Àjàṣẹ́. Tóóró ni ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Bí èèyàn méjì bá dìde sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ya fọ́tò, ó lè dojú dé kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Kí afinimọ̀nà ní: “Ẹ jókòó sí àárín. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ dì í mú.” Lẹ́yìn náà, kí ó fa ẹ̀wù ìléfòó kálukú sókè léjìká; bí ẹ̀wù náà bá gòkè dé etí, okùn rẹ̀ kò tíì le tó.

Ẹlòmíràn á ní òun mọ̀ ọ́n wẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí igi ọkọ̀ bá gbá lórí lè má lè lúwẹ̀ẹ́; ẹ̀wù yẹn ni yóò gbé e léfòó.