Ọtí Kò Ní Àká Nínú Ara: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba lórí Kálórì Inú Ọtí àti Ikùn Tó Ń Yọ

N kò wá ṣe ìwàásù o. Lórí bóyá kéèyàn mu ọtí tàbí kó má mu ún, àwọn wòlíì àti àwọn àáfà ti sọ tiwọn, n kò ní í fi tèmi kún un. Ìṣirò ni mo bá wá: kí ló wà nínú ìgò, ibo ló ń gbà bó bá dé inú ara, kí ló sì fà á tó fi jẹ́ pé ibi bẹ́líìtì ló ti ń fara hàn.

Kálórì la fi ń díwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Gíráàmù ṣúgà kan ní kálórì 4, gíráàmù òróró kan ní 9. Ògidì ọtí, ìyẹn ohun tó ń pani nínú bíà, nínú ẹmu àti nínú ògógóró, ní 7. Ẹ ò rí i pé ó sún mọ́ òróró ju bó ṣe sún mọ́ ṣúgà lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun. Níparí ọ̀rúndún 19, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Wilbur Atwater, ní ìlú Middletown nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ́ yàrá kékeré kan tí èèyàn lè gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì ń wọn ooru tó ń jáde lára onítọ̀hún àti afẹ́fẹ́ tó ń mí. Nígbà tó fi ọtí rọ́pò apá kan nínú oúnjẹ wọn, ó rí i pé ara ń jó ọtí náà bó ṣe ń jó oúnjẹ. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ọtí bínú sí i gan-an, torí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé májèlé lásán ni. Lójú tèmi, ìbínú wọn ò nídìí: ohun tí Atwater rí yẹn gan-an ló yẹ kó ba ọ̀mùtí lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ ká tú ìgò kan wò. Ìgò ńlá bíà tí gbogbo wa mọ̀, mílílítà 600 ló ń gbà. Lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ó rí 5% tàbí kó lé díẹ̀. Tí a bá ṣírò ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ti 600, mílílítà 30 la ó rí. Ọtí fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà mílílítà 30 yẹn kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù 24 lọ lórí òṣùwọ̀n. Gíráàmù 24 lọ́nà 7, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 170. Ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ìwúkàrà kì í jẹ gbogbo ohun tó wà nínú ọkà tí wọ́n fi pọn bíà tán. Ohun tó ṣẹ́ kù ń fi nǹkan bíi 70 kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ ń lọ sí kálórì 240. Bíà dúdú tó korò, tí wọ́n kọ 7.5% sí lára, ògidì ọtí inú ìgò ńlá rẹ̀ nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 250 ká tó ka ìyókù mọ́ ọn. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń mu, kó wo iye ìdá ọtí tó wà lára ìgò, kó fi àwọ̀ sílẹ̀.

Àwọn tó ń mu ògógóró àti jíìnì máa ń sọ pé tiwọn kò lè yọ ikùn torí kò ní ṣúgà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Tọ́ọ̀tì kan, ìyẹn mílílítà 30, tó jẹ́ 40%, kò ju kálórì 66 lọ. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀tì méjì àbọ̀ ti gbé ògidì ọtí kan náà dání pẹ̀lú ìgò ńlá bíà kan, ta ló sì ń wọn tọ́ọ̀tì nínú ilé ara rẹ̀? Tẹ́ ẹ bá wá da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí i, tó ní gíráàmù ṣúgà 35, ẹ ti fi 140 lé e. Wáìnì tí kò dùn, ní ìwọ̀n gíláàsì kan, máa ń wà láàárín 110 sí 130.

Ẹmu ló yẹ ká dúró lé lórí, torí àwọn èèyàn wa gbà pé ohun tó bá ti orí igi wá kò lè múni sanra. Ẹmu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ láàárọ̀ kùtù, tó dùn bí oyin, ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó lè tó gíráàmù 100 nínú lítà kan. Kálórì 400 nìyẹn. Bí oòrùn ṣe ń gòkè, ìwúkàrà inú rẹ̀ ń sọ ṣúgà di ọtí, adùn rẹ̀ ń lọ, ó ń le sí i. Ẹni tó ń mu ún nírọ̀lẹ́ á ní ṣúgà rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ibo ni ṣúgà náà lọ? Gíráàmù ṣúgà 100 ń di nǹkan bíi gíráàmù ògidì ọtí 50, àti afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde. Gíráàmù 50 lọ́nà 7 jẹ́ 350. Adùn ti lọ, àádọ́ta péré ló kúrò nínú kálórì. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí wọ́n sọ fún pé kó máa mu èyí tó ti kan, torí èyí tó dùn léwu, ń gbé ẹrù kálórì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kan náà pẹ̀lú orúkọ mìíràn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọtí wọ inú ara. Ara ní àká fún sítáàṣì nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú ẹran ara. Ó ní àká fún ọ̀rá lábẹ́ awọ àti nínú ikùn. Kò ní àká kankan fún ọtí. Bó sì ṣe jẹ́ pé ọtí ń ṣe ara ní jàǹbá tó bá pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ kì í jẹ́ kó dúró. Ó ń fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yòókù sílẹ̀ láti tú u palẹ̀. Ohun tí ẹ̀dọ̀ ń sọ ọ́ dà, mọ̀lẹ́bí ohun tó ń mú ọtí kan ni. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ, ọkàn àti ẹran ara á sì máa jó o. Níwọ̀n ìgbà tí èyí bá ń lọ, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀rá. Gíráàmù 7 tàbí 8 ni ẹ̀dọ̀ ẹni tó wọn kílò 70 sábà máa ń tú palẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ìgò ńlá kan, wákàtí mẹ́ta.

Ní 1992, Paolo Suter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Súwísálándì fi àwọn ọkùnrin tí ara wọn le sínú yàrá bíi ti Atwater. Wọ́n fún wọn ní nǹkan bíi gíráàmù ògidì ọtí 96 lójúmọ́, ìyẹn ìgò ńlá mẹ́rin lójú tiwa. Jíjó ọ̀rá lára wọn já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Sítáàṣì àti ẹran tí wọ́n jẹ kò fara gbá a tó bẹ́ẹ̀. Ní 1999, Marc Hellerstein àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kalifóníà lo gíráàmù 24, ìgò kan ṣoṣo. Wọ́n rí i pé ohun tó di ọ̀rá nínú ọtí náà kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ni kókó ohun tí mo wá sọ: kì í ṣe ọtí ló ń di ọ̀rá ikùn ní tààrà. Ọ̀rá inú àsun àti ọ̀rá inú ọbẹ̀ alẹ́ ló ń wọ inú àká, torí ọtí ti gba iná lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ara ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti kó o jọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Lójoojúmọ́ iṣẹ́, aago méje alẹ́ á bá a lórí ìjókòó pẹ̀lú ìgò ńlá méjì àti àwo àsun kan. Ògidì ọtí inú ìgò méjì jẹ́ gíráàmù 48, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò bá a fà á títí di bí aago kan òru. Ó délé, ìyàwó rẹ̀ ti gbé iyán kalẹ̀, ó jẹ ẹ́, nítorí ọtí kì í yó èèyàn bí oúnjẹ, ó tiẹ̀ máa ń la ọ̀nà ọ̀fun ni. Ìgò méjì jẹ́ kálórì 480. Lọ́jọ́ márùn-ún, 2,400. Kílò ọ̀rá kan ń gba nǹkan bíi 7,700, nítorí náà lórí ìwé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á sọ ọ́ di kílò kan, ọdún kan á sì tó kílò 16.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í rí bẹ́ẹ̀. Ara tó tóbi sí i ń jó agbára sí i, apá kan nínú kálórì ọtí ń di ooru lásán, ọkùnrin náà sì lè fo oúnjẹ ọ̀sán nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdá kan péré nínú márùn-ún ló dúró, ó ju kílò mẹ́ta lọ lọ́dún. Ní ọdún karùn-ún, gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn àbúrò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ikùn? Ọ̀nà tí ara ọkùnrin ń gbà tọ́jú ọ̀rá ni. Tiwọn máa ń lọ sínú, yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká, ìdí nìyẹn tí ikùn náà fi máa ń le tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù máa ń tọ́jú tirẹ̀ sí ìbàdí àti itan. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, tiwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ikùn. Kì í ṣe ìfóòfó bíà ló ń fẹ́ ikùn. Nílẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, níbi tí wọ́n ti ń mu bíà bí omi, ìwádìí kan tó jáde ní 2003 kò rí i pé bíà fúnra rẹ̀ ń yọ ikùn lọ́nà tó burú jáì. Àpapọ̀ ọtí àti ohun tí a fi ń tì í sísàlẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹni tó sì ń ra àgbo kíkorò láti fi yọ́ ọ̀rá, kó ka ìgò náà dáadáa: ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọtí ni wọ́n fi rẹ ewé.

Ẹ má fi òṣùwọ̀n kílò nìkan wò ó. Ẹ gba téèpù lọ́wọ́ télọ̀, ẹ wá agbedeméjì egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí, ẹ mí jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ má fa ikùn wọlé, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Tó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 94 fún ọkùnrin, tàbí 80 fún obìnrin, ewu ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí n kò ní í fi yín sílẹ̀ láìsọ. Kì í ṣe gbogbo ikùn ọ̀mùtí ló jẹ́ ọ̀rá. Ẹni tó ti mu ún fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí apá àti ojúgun rẹ̀ ń gbẹ bí ikùn rẹ̀ ṣe ń wú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, omi ló wà níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì ti ń bàjẹ́. Àwọn ará ilé máa ń rò pé wọ́n ta á ní ọfà tàbí pé wọ́n fún un ní oògùn jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kiri ilé babaláwo tàbí orí òkè. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.