Eéwo Tó Gba Ọyún àti Ẹsẹ̀ Tó Wú Gbọ̀ngbọ̀n: Èwo Là Ń Là, Èwo Là Ń Lo Oògùn Fún?

(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan lára ọmọ ẹgbẹ́ wa bá wa sọ ní ìpàdé gbogboogbò)

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni màá sọ. Mo ní rárá, a ti gbọ́ ìyẹn tó. Ọ̀rọ̀ eéwo ni mo bá wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Owó tí mo ti rí tí àwọn èèyàn wa fi ra kápúsù nítorí eéwo, tí kápúsù náà ò sì ṣe nǹkan kan, kò kéré.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wá bá mi, ọlọ́kadà ni. Eéwo yọ sí i ní itan. Ó lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n tà á ní àmpíkílọ́ọ̀sì. Ó lò ó tán, ibẹ̀ tún wú sí i, ó ra òmíràn. Nígbà tó yá, ó tú kápúsù tẹtirasáíkílììnì, ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sórí ibẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe. Ọjọ́ kejìlá ló tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ń tiro, kò lè jókòó sórí ọ̀kadà mọ́. Ibẹ̀ ti tó ẹyin adìyẹ, awọ orí rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó ń dán. Mo gbé ìka méjì lé e. Bí mo ṣe fi ọ̀kan tẹ ẹ́, ìka kejì ń gbọ́ pé nǹkan olómi ń sún lábẹ́. Ọyún nìyẹn. Mo ní, “Àbúrò, oògùn nìkan ò lè wo eléyìí. A máa là á ni.”

Kí ló dé tí kápúsù ò fi ràn án? Inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn ń gbà dé ibi tó ń lọ. Ọyún ní tirẹ̀, ara ti mọ ògiri yí i ká kó má bàa tàn kálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì ṣàn nínú rẹ̀. Oògùn á dé ẹ̀yìn ògiri, díẹ̀ ló máa wọlé, èyí tó bá sì wọlé kò ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ọyún. Kòkòrò tó wà láàárín á wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ọyún gbọ́dọ̀ jáde.

Mo gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ibi kan kú, yíká eéwo náà, kì í ṣe sínú ọyún. Ẹ má jẹ́ kí n tan yín, ó ṣì dùn ún, torí abẹ́rẹ́ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn níbi tí ọyún bá wà. Mo wá fi bíléèdì tó mọ́ là á, kì í ṣe ihò abẹ́rẹ́ lásán. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí ọyún lè máa jáde. Ọyún ya. Mo ki irin kan tí ẹnu rẹ̀ ò mú bọ inú rẹ̀, mo fi tú àwọn yàrá kéékèèké inú rẹ̀, torí bí ẹ bá fi yàrá kan sílẹ̀, eéwo náà á padà. Mo fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn fọ̀ ọ́, mo fi gọ́ọ̀sì bo ojú rẹ̀. Mi ò rán an. Ẹni tó bá rán ojú eéwo ti ti ọyún mọ́lé padà. Kí ó tó dìde, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ó ti fúyẹ́.” Ó ń fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń pààrọ̀ gọ́ọ̀sì, kò sì tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi jiná.

Ẹnìkan á ní, ṣé kò wá nílò oògùn rárá ni? Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2016, àwọn dókítà gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn tó lé ní 1,200 tí wọ́n ti la eéwo fún. Wọ́n fún àwọn kan ní sẹ́pútíríìnì fún ọjọ́ 7, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Nínú 100 àwọn tí wọn ò fún ní oògùn gidi, bíi 74 ló jiná; nínú 100 àwọn tó lo sẹ́pútíríìnì, bíi 80. Oògùn ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn la ti là fún. Èmi máa ń fi oògùn kún un bí ara bá ń gbóná, bí wíwú bá ń tàn kọjá eéwo náà, tàbí tí ẹni náà bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn mìíràn tó sọ ara di aláìlágbára. Bí eéwo bá sì kéré, tó ṣì le, tí kò tíì rọ̀, ẹ má là á. Ẹ ki aṣọ tó mọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi lé e fún bíi ìṣẹ́jú 10, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Òmíràn á tú fúnra rẹ̀.

Èkejì rèé o, òun ló sì ń ṣe àwọn ìyá wa jù. Màmá kan ní ẹsẹ̀ tó là láàárín ọmọ ìka. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ wú dé ìdajì ojúgun, ó gbóná, ó ń dán, ó ń ro ó, òtútù sì ń mú un. Ẹnìkan ládùúgbò rò pé eéwo ni, ó fi bíléèdì ya á. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló jáde, torí kò sí ọyún níbẹ̀. Ó ti fi egbò tuntun kún ti tẹ́lẹ̀. Inú awọ ara fúnra rẹ̀ ni kòkòrò tàn sí, ẹ̀jẹ̀ sì ń dé ibẹ̀. Irú èyí gan-an ni oògùn ń wò. A fún màmá ní kẹfalẹ́síìnì 500 mílígíráàmù, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún ọjọ́ 5, lẹ́yìn tí a bi í bóyá pẹnisílíìnì máa ń bínú sí i. A ní kó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí nígbàkigbà tó bá jókòó, a sì tọ́jú ọmọ ìka tó là, torí ibẹ̀ ni kòkòrò gbà wọlé.

Ìwé ìṣègùn á ní kẹ́ ẹ wo ibi tó pọ́n. Lára adúláwọ̀ bíi tiwa, pípọ́n kì í hàn bẹ́ẹ̀. Ó lè kàn dúdú sí i. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá ibi tí ooru ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi bírò fa ìlà sí etí rẹ̀. Ó lè kọjá ìlà díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má fòyà. Bó bá ṣì ń lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ padà wá, bóyá ọyún ti ń kó jọ níbẹ̀. Ti màmá wa, ọjọ́ kẹta ló ti fà sẹ́yìn.

Ẹ má dúró de ọjọ́ méjì bí ìrora bá pọ̀ ju ohun tí ojú rí lọ, bí awọ bá ń dúdú tàbí tó ń ta róro, tàbí tí ẹni náà ń ṣe ràn-ìn-ràn-ìn. Ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá kan béèrè nípa eéwo abẹ́ imú ọmọ rẹ̀, ṣé kí òun fún un. Ẹ má fún un o, ìyá mi. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ já sínú orí. Ti ọmú, ti ọrùn àti ti ẹ̀bá ihò ìdí náà, dókítà ni kó là á. Ti abẹ́ ikùn lẹ́bàá itan pàápàá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bíléèdì kàn án, torí ó lè jẹ́ ìpá, ìfun ló sì wà nínú ìyẹn.