Ife Kọfí Kan Lójúmọ́: Èló Ló Ń Ná Yín Lóṣù?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó kọfí òṣìṣẹ́ kan l'Ékòó tó ń mu ife kan lọ́jọ́ iṣẹ́, ọjọ́ 22 lóṣù. Iye tí mo fẹ́ dá yìí, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi ti àdúgbò yín rọ́pò rẹ̀.

Bí ife kan bá jẹ́ ₦4,000 nílé kọfí, ₦88,000 ló lọ lóṣù.

Nílé ńkọ́? Ká ní àpò kọfí lílọ̀ 250 gíráàmù jẹ́ ₦10,000. Ife kan ń gba gíráàmù 15, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tí kò ga. Ife 16 àti díẹ̀ ni àpò náà yóò ṣe. Bí a bá fi mílíìkì ₦300 kún un, ₦900 ni ife kan, ₦19,800 lóṣù. Jọ́ọ̀gì alásẹ́ ₦20,000 yóò ti pa owó ara rẹ̀ ní ife keje.

Kọfí inú sáṣẹ́ẹ̀tì, tó ń yòrò nínú omi gbígbóná, ní ₦200 pẹ̀lú mílíìkì ₦300, ₦11,000 péré ni lóṣù.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó bá ń bu kọfí lílọ̀ láì wọ̀n ọ́n lè máa lo gíráàmù 25. Bí àpò yín bá tán ní ife kẹwàá, ọwọ́ yín ló wúwo, kì í ṣe ọjà ló wọ́n.

Kí ẹ tó sọ pé owó oṣù kò tó, ẹ ka iye ife tí ẹ rà níta lọ́sẹ̀ tó kọjá.