Ọmọ Gbọ́ Yorùbá, Òyìnbó Ló Fi Dáhùn

Ní Pẹ́kámù, ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyá lè ní kí ọmọ mú bàtà òun wá. Ọmọ á mú un wá kíá, àmọ́ èdè Òyìnbó ni yóò fi fèsì. Òbí á ní, "Ó ṣáà gbọ́." Ibẹ̀ gan-an ni èdè ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ.

Onímọ̀ èdè kan, Annick De Houwer, ṣèwádìí nípa ìdílé bí 1,900 ní ilẹ̀ Bẹ́líjíọ̀mù, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2007. Nínú àwọn ilé tí wọ́n ti ń sọ èdè àjèjì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni àwọn ọmọ kò ti sọ ọ́ rárá. Níbi tí bàbá àti ìyá kò ti fi èdè ìta là á, ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ má sọ ọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Bí ọmọ bá fi Òyìnbó tọrọ omi, kí ìyá béèrè pé, "Kí lo wí?" Bí ìyá bá ní, "Ṣé omi ni?", "bẹ́ẹ̀ ni" lásán ni ọmọ máa sọ. "Omi àbí wàrà?" ló sàn: ọmọ gbọ́dọ̀ dárúkọ ọ̀kan. (Bí ó bá ń sunkún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fún un lómi!)

Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Òyìnbó ní Ìbàdàn wúlò ju olùkọ́ lọ, torí ọmọ kò ríbi sá sí. Àmọ́ "ṣé dáadáa ni?" lórí fóònù kì í pẹ́ tán. Kí wọ́n jọ máa ṣe nǹkan: kí ìyá àgbà máa ro àmàlà níwájú fóònù, kí ọmọ máa sọ ohun tó kàn.