Ká Kàn Án Fúnra Wa, àbí Ká Rà Á?

Ọ̀rọ̀ ọjà rírà fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba la ní ká gbé yẹ̀ wò lónìí. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣoṣo rìn ín dé ìparí.

Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ ti ìjọba àpapọ̀ kan nílò tábìlì ìkọ̀wé 200. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ní káfíńtà méjì tó ń gba owó oṣù. Ọ̀gá ní kí wọ́n kàn án fúnra wọn. Akápò ní kí wọ́n rà á. Kò tíì sí ẹni tó mú bírò nínú àwọn méjèèjì.

Pákó, ìṣó àti fániṣì tábìlì kan jẹ́ ₦30,000. Owó lébìrà tí wọn yóò gbà tìtorí iṣẹ́ yìí nìkan jẹ́ ₦8,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ìlagi tí wọn yóò rà àti epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ₦1,600,000, iye yòówù tí wọ́n bá kàn. Owó oṣù káfíńtà méjèèjì ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìṣe. Owó oṣù yẹn kò ní dín kù bí a bá ra tábìlì lọ́jà, nítorí náà kò wọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ tábìlì bá ní kí wọ́n fi òrùlé tó ń jò sílẹ̀, tí a wá gbé òrùlé náà fún ará ìta, owó ará ìta yẹn gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Lọ́jà, tábìlì kan jẹ́ ₦48,000 títí dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá kàn án fúnra wa, a ń jèrè ₦10,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó di orí tábìlì 160 kí èrè yẹn tó lè san owó ẹ̀rọ àti epo tán. Bí ohun tí a fẹ́ kò bá tó 160, ká rà á; bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ká kàn án. Fún 200, a ó fi ₦400,000 pamọ́. Ọ̀gá ló jàre.

Àmọ́ ẹ wo kàlẹ́ńdà. Tábìlì méjì ni ṣọ́ọ̀bù yẹn lè kàn parí lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 14 ló kù kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Tábìlì 140 péré ni yóò ti jáde nígbà náà, a ó sì pàdánù ₦200,000 lórí wọn. Ìdáhùn ti yí padà: kí wọ́n ra gbogbo rẹ̀. Ká ní wọ́n ti ṣètò ọjà ọdún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Ó dùn mí púpọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni owó ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣe ń lọ.

Ó yá, ká rà á. Òfin ọjà rírà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 2007, ní kí ìkéde ìdíje tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn wà níta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán, kí àkókò ìfìwéránṣẹ́ tó pé. Ó tún ní kí a má fi òṣùwọ̀n mìíràn yẹ ìwé iye owó wò ju èyí tó wà nínú ìwé ìdíje lọ. Nítorí náà ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdíje tẹ́lẹ̀: ẹrù gbọ́dọ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fẹ́, kò gbọdọ̀ ju mẹ́fà lọ, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí mẹ́rin, a ó fi ìdá kan nínú 200 kún iye owó olùdíje nígbà ìfiwéra, bí ẹnì kan bá gbàgbé ohun kékeré kan, iye tó ga jù tí àwọn yòókù fi sí i la ó fi kún tirẹ̀.

Àwọn mẹ́ta ló kúnjú òṣùwọ̀n. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ₦8,800,000, ṣùgbọ́n kò fi owó ọkọ̀ sí i. Ẹnì kejì kọ ₦9,400,000. Owó ọkọ̀, ₦700,000, wà nínú rẹ̀. Ẹnì kẹta kọ ₦45,500 lórí tábìlì kan, owó ọkọ̀ gbogbo wọn, ₦500,000, sì wà nínú rẹ̀, àmọ́ àpapọ̀ tó kọ sísàlẹ̀ jẹ́ ₦9,000,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló sì béèrè fún. Ẹ ṣe é ní ìsọdipúpọ̀: ₦9,100,000 ni. Iye orí ọ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń tẹ̀lé, a ó tún àpapọ̀ ṣe, a ó sì jẹ́ kí ó mọ̀.

Ẹ wá gbé wọn sórí ìlà kan náà. Àkọ́kọ́ gba owó ọkọ̀ ₦700,000, ó di ₦9,500,000. Èkejì dúró síbi tó wà. Ẹ̀kẹta gba ₦91,000 fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó di ₦9,191,000. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lórí ìwé ló wá wọ́n jù. Ẹnì kẹta ló gba iṣẹ́, ₦9,100,000 ni wọn yóò sì san fún un. ₦91,000 yẹn wà fún ìfiwéra nìkan.

Bí ẹni àkọ́kọ́ bá wá béèrè ìdí tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí akápò ṣí ìwé ìdíje síwájú rẹ̀, kó tọ́ka sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé ẹrù gbọ́dọ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́, kó sì fi ìlà ₦700,000 hàn án nínú àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀.