Iṣẹ́ Àìlèwá sí Ìpàdé
Nítorí kí a lè rí ẹni dí àyè wa ni a ṣe ń ránṣẹ́ pé a kò ní lè wá. Ẹni tí ó kàn fẹ́ wá jókòó lè ránṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n akápò kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ méje ṣáájú lọ, nítorí ẹlòmíràn ní láti gba ìwé owó, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní àkókò Igogo kan, akápò wa ránṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé gan-an, sí alága nìkan. Alága wà lójú ọ̀nà láti Èkó, fóònù rẹ̀ sì ti kú. A dúró di ọ̀sán. Àwọn àlejò padà láìgbọ́ ìṣirò owó.

Akọ̀wé ni kí a kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, òun ni ó ń ka iye ènìyàn tí ó tó láti ṣe ìpàdé. Kí alága àti ẹni tí yóò dí àyè wa rí ẹ̀dà. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́: àìsàn ẹni, ọ̀rọ̀ ilé ẹni ni. Bí ó bá sì dé lójijì, kí a pe akọ̀wé lórí fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.