Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Ẹmu Ń Kan: Ọtí àti Ásíìdì Inú Ẹmu Ọ̀pẹ Láti Orí Igi Títí Di Ọjọ́ Kẹrin

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò pọ̀. Ẹmu kì í kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kan. Kíkan àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọtí inú rẹ̀ tó lágbára rárá, òun gan-an ló sì ń la ọ̀nà fún ọtí náà. Kíkan kejì ló ń jẹ ọtí náà run. Nítorí pé ọ̀pọ̀ wa kò ya méjèèjì sọ́tọ̀, a máa ń da ẹmu tó ṣì dára nù, a sì máa ń fi owó gidi ra èyí tó ti kọjá lọ. Ẹmu ọ̀pẹ ni mo ń bá wí, kì í ṣe ògùrọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí igi. Ewé ọ̀pẹ ló ń ṣe ṣúgà nínú oòrùn, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí òdòdó àti èso. Nígbà tí adẹ́mu bá fi igbà gùn ún, tó gé òdòdó akọ, tó sì gbé kèrègbè sí i lẹ́nu, ṣe ló dá ṣúgà náà lọ́nà. Omi tó ń kán sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ mọ́ kedere, ó dùn, kò sì pani rárá. Nínú lítà kan rẹ̀, ṣúgà bíi 100 sí 120 gíráàmù ló wà níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ súkúróòsì, irú kan náà pẹ̀lú ṣúgà tí a ń rà lọ́jà. Bí a bá wọn ásíìdì rẹ̀, pH rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 7, bíi ti omi lásán. Ẹ rántí pé bí pH bá ti ń wálẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Ohun tó bá kúrò ní 7 lọ sí 4 ti kan ní ìlọ́po 1,000.

Nínú igi, omi yìí kò ní kòkòrò àìfojúrí kankan. Ẹnu ibi tí ọ̀bẹ gé ló ti ń kó wọn: láti ara ọ̀bẹ, láti inú afẹ́fẹ́, lára oyin àti eṣinṣin tó ń wá ṣúgà lá, àti jù gbogbo rẹ̀ lọ, láti inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu àná tó lẹ̀ mọ́ inú kèrègbè. Nítorí náà, ẹmu tí wọ́n gbé kèrègbè rẹ̀ kọ́ nírọ̀lẹ́, tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárọ̀, kì í ṣe ẹmu tuntun lójú onímọ̀ kẹ́míkà. Èyí tó kọ́kọ́ kán nínú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí 12 nínú iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ ọ wò. Kókó yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú, nítorí gbogbo iye wákàtí tí mo máa sọ, láti ìgbà tí omi náà ti kán ni mo ń kà á.

Ọ̀wọ́ kòkòrò mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹmu. Gbogbo wọn ló wọlé pọ̀, àmọ́ eré wọn kò dọ́gba. Àwọn tó kọ́kọ́ sáré ni bakitéríà tó ń sọ ṣúgà di ásíìdì láàtíìkì. Ẹ mọ̀ wọ́n dáadáa: ìbátan wọn ló ń mú ògì kan nínú ìkòkò. Kò sí ohun tí wọ́n ń dúró dè. Láàárín wákàtí díẹ̀, pH á ti kúrò ní 7, á máa lọ sí 5, nígbà tó bá sì fi máa di wákàtí 24, á ti wà ní nǹkan bíi 4. Àwọn kan nínú wọn a tún máa mú kí ẹmu ki díẹ̀, kí ó sì funfun bíi wàrà, òun náà ni àwọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ẹmu.

Kíkan àkọ́kọ́ nìyẹn, àǹfààní ni. Ọ̀pọ̀ bakitéríà tó ń mú nǹkan rà kò lè gbé níbi tí pH ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìwúkàrà ní tirẹ̀ kò kọ̀ ọ́; ibẹ̀ gan-an ló ti ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìwúkàrà yìí, irú kan náà tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń lò, ni ọ̀wọ́ kejì, òun sì ni ọ̀gá nínú ṣíṣe ọtí. Ó kọ́kọ́ máa fọ́ súkúróòsì sí ọ̀nà méjì, sí gúlúkóòsì àti fúrúkítóòsì, lẹ́yìn náà ló máa wá sọ àwọn wọ̀nyí di ọtí gan-an, ìyẹn ẹ́tánọ́ọ̀lù, àti gáàsì:

C6H12O6 → 2 C2H5OH + 2 CO2

Ẹ jẹ́ ká fi lítà kan ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní 100 gíráàmù súkúróòsì ló wà nínú rẹ̀. Bí ìwúkàrà bá sọ gbogbo rẹ̀ di ọtí láìṣẹ́ kù, 54 gíráàmù ẹ́tánọ́ọ̀lù ló máa wá, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 68 mílílítà, ìyẹn bíi ìpín 7 nínú 100. Àmọ́ kì í tó bẹ́ẹ̀. Bakitéríà ti mú nínú ṣúgà náà ṣe ásíìdì, ìwúkàrà fúnra rẹ̀ sì jẹ nínú rẹ̀ láti fi bí sí i, nítorí náà ìpín 4 tàbí 5 ni a sábà máa ń bá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti bíà. Ohun tó máa ya ẹlòmíràn lẹ́nu ni gáàsì. Nínú ìṣirò kan náà, lítà ẹmu kan ṣoṣo lè tú gáàsì tó tó lítà 29 jáde nínú ooru tiwa níbí. Gáàsì yìí ló ń mú ẹmu hó, tó sì ń ru ìfófòó rẹ̀ sókè. Òun náà ló ń fọ́ ìgò. Ẹnikẹ́ni tó bá rọ ẹmu tó ṣì ń hó sínú ìgò onígíláàsì, tó sì dé e pa, ewu ló gbé wọlé.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹmu bá ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀, ó dùn, ó ń hó, ọtí inú rẹ̀ kò sì ju ìpín 1 sí 3 nínú 100. Nígbà tó bá pé wákàtí 24, ọtí náà máa wà láàárín ìpín 3 sí 4. Ní ọjọ́ kejì, láàárín wákàtí 36 sí 48, ṣúgà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọtí dé òtéńté rẹ̀, híhó sì rọlẹ̀.

Ọjọ́ kejì yìí ni ahọ́n wa ń tàn wá jẹ. Àwọn ènìyàn á ní ẹmu náà kan lójijì. Kò kan lójijì rárá. Bí ẹ bá wo pH rẹ̀, láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ ló ti wálẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà, láti nǹkan bíi 4 sí 3.6 ló kàn sún. Ásíìdì ti wà níbẹ̀ láti àná, ṣúgà ló bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìwúkàrà jẹ ṣúgà tán, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ fara hàn. Ẹmu tí ẹ fẹ́ dà nù ní ọjọ́ kejì nítorí pé kò dùn mọ́, òun ni ọtí inú rẹ̀ pọ̀ jù lọ, ara rẹ̀ sì le. Ẹ̀wẹ̀, èyí tó dùn bí omi ṣúgà láàárọ̀ lè tan awakọ̀ jẹ, nítorí dídùn a máa bo ọtí náà mọ́lẹ̀ bó ṣe ń bo ásíìdì.

Kíkan kejì ló kàn. Ọ̀wọ́ kẹta ni bakitéríà tó ń jẹ ọtí, tó ń sọ ọ́ di ásíìdì àsẹ́tíìkì, ìyẹn ásíìdì inú ọtí kíkan:

C2H5OH + O2 → CH3COOH + H2O

Ẹ wo O2 tó wà nínú rẹ̀. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Bí kò bá sí i, iṣẹ́ wọn dúró. Ìdí nìyí tí kì í fi í sí púpọ̀ nínú ásíìdì yìí ní ọjọ́ kìíní: gáàsì tí ìwúkàrà ń tú sílẹ̀ ti lé afẹ́fẹ́ kúrò lójú ẹmu. Nígbà tí híhó bá rọlẹ̀, tí afẹ́fẹ́ padà wọlé, pàápàá nínú kẹ́ẹ̀gì tí a ti bu ìdajì rẹ̀, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ kẹta lọ, ásíìdì ń gòkè, ọtí ń wálẹ̀. Gíráàmù 46 ẹ́tánọ́ọ̀lù tó bá lọ síbẹ̀, gíráàmù 60 ásíìdì ló ń dà.

Ní ibi yìí, kí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pH yẹ ẹmu wò ṣọ́ra. Ásíìdì àsẹ́tíìkì kò lágbára púpọ̀ láti fa pH wálẹ̀. Ẹmu ọjọ́ kejì lè wà ní 3.6, kí ti ọjọ́ kẹrin wà ní 3.4, kí ẹ rò pé nǹkan kan náà ni wọ́n, nígbà tí àpapọ̀ ásíìdì inú èkejì ti ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ máa kán omi NaOH sí i díẹ̀díẹ̀ títí ásíìdì náà á fi tán, kó sì ka iye tó kán.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ẹ̀rọ, imú yín tó. Ásíìdì láàtíìkì kì í rùn. Orí ahọ́n nìkan lẹ ti máa mọ̀ ọ́n. Ásíìdì àsẹ́tíìkì a máa ta sí imú. Ẹ gbé igbá ẹmu súnmọ́ imú kí ẹ tó gbé e sẹ́nu. Bó bá kan lẹ́nu, tí kò ta yín nímú, kíkan àkọ́kọ́ ni, ẹ mu ún. Bó bá ta yín nímú kí ẹ tó tọ́ ọ wò, ọtí ti ń lọ. Ẹmu ọjọ́ mẹ́ta tó bá ṣì dùn kọjá ààlà ní tirẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀pẹ nìkan. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bu omi là á, kí wọ́n sì fi sákárìn mú un dùn, nítorí ìwúkàrà kò lè jẹ sákárìn, dídùn rẹ̀ kì í tán.

Ǹjẹ́ a lè dá a dúró? A lè fà á sẹ́yìn. Fíríìjì ń mú kí àwọn kòkòrò náà lọ́ra, kò pa wọ́n. Kíkún kẹ́ẹ̀gì dé ọrùn ń dín afẹ́fẹ́ kù, àmọ́ kí ìdérí rẹ̀ má le pinpin nígbà tó bá ṣì ń hó. Bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́ ní tòótọ́, a ní láti mú ẹmu inú ìgò gbóná dé nǹkan bíi 70°C fún bíi ìdajì wákàtí kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ọ̀nà gbígbóná báyìí ni iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Òṣòdì fi ṣe ẹmu inú ìgò. Ó ń pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru náà ń yí adùn rẹ̀ padà, ẹni tó mọ ẹmu orí igi á mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin adẹ́mu àti ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ gbé kèrègbè kọ́ sára kẹ́ẹ̀gì, kì í ṣe wákàtí tí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yin oníbàárà, kí ẹ tó náwó, wákàtí yẹn ni kí ẹ bèèrè.